Bí a ṣe ń ṣírò fíù oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, àti bí oṣù ààwẹ̀ ṣe fẹ́ dà á rú mọ́ wa lójú

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn bójú tó ìkànnì Yútúbù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníṣòwò kan máa bi yín pé fíù mélòó lẹ máa rí láàárín oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹ ò ní fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀, torí owó wà ńbẹ̀, ẹ ò sì lè sọ pé ẹ mọ̀. Ohun tójú wa rí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo fẹ́ sọ, kó lè dín wàhálà ẹlòmíì kù.

Tàǹtí mi ló ni ìkànnì náà. Oúnjẹ Nàgó ló ń sè níbẹ̀ láti 2021, èmi ni mò ń bá a wo Studio, ibi tí Yútúbù ń kó iye sí, àbúrò mi ọkùnrin ló ń gé fídíò. Àwọn tó ń wò wá, a ní ará Àjàṣẹ́, a ní ará Kétu àti Ṣábẹ àti Sakété, ṣùgbọ́n òdìkejì bọ́dà ni ọ̀pọ̀ wọn wà, Èkó àti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn gan-an. Tó bá di oṣù ààwẹ̀, gbogbo ayé ló ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣínu àti ohun tí wọ́n máa jẹ ní sààrì, wọ́n á wá ya bo fídíò Tàǹtí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ìparí Máàṣì 2025, Alájì kan tó ń ta ọṣẹ àti òróró àti ṣúgà ní ọjà Wàǹdó wá bá Tàǹtí. Ó fẹ́ kó máa fi ọjà òun hàn nínú fídíò láti Épírì dé ìparí Júùnù, ó sì so owó ẹ̀ mọ́ fíù. Tàǹtí á ṣèlérí iye kan, tí iye yẹn ò bá pé, owó díẹ̀ á padà sọ́wọ́ Alájì, tó bá wá kọjá 350 000, bọ́nọ́ọ̀sì wà fún wa lórí ẹ̀. Ó ní kí a mú iye tí a máa ṣèlérí wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀, kò sì pẹ́ rárá. Ó wo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2024, a rí 200 000. Ó wo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2025 tó ń parí lọ nígbà yẹn, 323 000. Ó fi tọ̀hún pín èyí, ó rí bí a ṣe ń dàgbà láti ọdún sí ọdún, ó wá fi ìdàgbà yẹn lu iye tí a rí láti Épírì dé Júùnù 2024, tó jẹ́ 240 000.

```
323 000 / 200 000 = 1,615
240 000 × 1,615   = 387 600
```

Ó ní, "Tàǹtí, ẹ kọ 390 000, bọ́nọ́ọ̀sì ti wọlé." Inú Tàǹtí dùn.

Mi ò ní pe ìṣirò yẹn ní ìṣirò ọmọdé o, torí apá kan nínú ẹ̀ dáa gan-an. Kò mú Janúárì sí Máàṣì kó fi sọ ohun tí Épírì sí Júùnù máa jẹ́, Épírì sí Júùnù ti ọdún tó kọjá ló mú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ló ní bó ṣe máa ń rí. Iléyá máa ń bọ́ sí àárín wọn, àwọn ọmọ ń múra ìdánwò báàkì ní Júùnù, òjò ń rọ̀, àwọn èèyàn ń jókòó sílé. Tí ẹ bá fi oṣù mẹ́ta kan wé oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ìkànnì ló dàgbà ni àbí ìgbà ló yí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni 1,615 yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wọn ìdàgbà, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Mo wá wọ Studio, mo tẹ `Advanced mode`, mo gba iye ojoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ jáde sínú fáìlì CSV kan, mo kó gbogbo ẹ̀ jọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo fi ti ọdún tó ṣáájú pín ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo tò wọ́n síra wọn, nǹkan kan ò dáa lójú mi. Janúárì sí Máàṣì 2024 ti di ìlọ́po 1,70 ti 2023. Épírì sí Júùnù 2024, 1,22 péré. Nígbà tó di Janúárì sí Máàṣì 2025, 1,615. Ṣé ìkànnì kan á máa sáré ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kó wá máa wọ́ ẹsẹ̀ ní Épírì, kó tún máa sáré ní Janúárì tó tẹ̀ lé e? Ìdàgbà gidi kì í ṣe báyẹn. Tí ẹ bá rí i pé oṣù mẹ́ta kan ń ga jù lọ́dọọdún tí èyí tó tẹ̀ lé e sì ń kéré jù, ẹ wò ó dáadáa, nǹkan kan wà tó ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Ààwẹ̀ ni. Oṣù tí a ń wò lójú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún mùsùlùmí, ọjọ́ 354 tàbí 355 ló sì ní, torí náà lọ́dọọdún ni ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti èṣí lọ. Ní 2023, nǹkan bí 23 Máàṣì ló bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 20 Épírì. Ní 2024, 11 Máàṣì sí 9 Épírì. Ní 2025, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1 Máàṣì, kí Épírì tó wọlé wọ́n ti ṣọdún ìtúnu tán. Ẹ wá ka ọjọ́ ààwẹ̀ tó wà nínú Épírì lẹ́yọ lẹ́yọ, ogún ọjọ́ ní 2023, mẹ́sàn-án ní 2024, kò sí ẹyọ kan ní 2025. Nǹkan tí àbúrò mi wá ṣe ni pé ó mú 240 000 ti 2024, tí ọjọ́ ààwẹ̀ mẹ́sàn-án wà nínú ẹ̀, ó fi ìdàgbà kan lù ú tó jẹ́ pé àfikún ọjọ́ ààwẹ̀ wà nínú òun náà, ó wá fún Tàǹtí ní iye kan fún oṣù mẹ́ta tí kò ní ààwẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ wọ inú ìṣirò yẹn, kò sì yẹ kó wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kì í ṣe ààwẹ̀ nìkan ló ń rìn báyìí. Àjíǹde bọ́ sí 31 Máàṣì ní 2024, ó wá bọ́ sí 20 Épírì ní 2025, ìyẹn ni pé ó fi oṣù mẹ́ta kan sílẹ̀ bọ́ sínú èkejì. Fún àwa, mo wo iye ọjọ́ yẹn, kò yí nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìkànnì ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ní, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Iléyá ní tiẹ̀, 16 Júùnù ní 2024 àti 6 Júùnù ní 2025, inú oṣù mẹ́ta kan náà ló ṣì wà, torí náà mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe yọ ààwẹ̀ kúrò nìyí. Nínú fáìlì ojoojúmọ́ yẹn, mo fi ọjọ́ ààwẹ̀ wé àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀, ọdún kan dín sí i díẹ̀, mo mú méjì. Ọjọ́ ààwẹ̀ kan dúró fún ọjọ́ lásán méjì nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló wà láti Épírì dé Júùnù. Ní 2024, méjìlélọ́gọ́rin jẹ́ ọjọ́ lásán, mẹ́sàn-án jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ tí a ó kà bíi méjìdínlógún, àpapọ̀ ẹ̀ ọgọ́rùn-ún. Mo fi ọgọ́rùn-ún pín 240 000, ọjọ́ lásán kan jẹ́ 2 400 fíù. Tí kò bá sí ààwẹ̀ rárá nínú oṣù mẹ́ta yẹn, 91 × 2 400 ni à bá rí, ìyẹn 218 400. Orí èyí ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 240 000.

Ó wá ku ìdàgbà. Mo yọ ààwẹ̀ kúrò nínú gbogbo oṣù mẹ́ta-mẹ́ta báyẹn, mo tún wọn ìdàgbà wọn, mẹ́rin tó kẹ́yìn wá jẹ́ 1,35, 1,62, 1,38 àti 1,52. Ẹ rí i pé ìfò sókè-sódò yẹn ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́jú. 1,62 yẹn, mo mọ ìdí ẹ̀. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì 2024 tí wọ́n ṣe ayẹyẹ eégún ńlá ní Àjàṣẹ́, Tàǹtí lọ ya fídíò àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀, fídíò yẹn sì rìn jìnnà. Ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà pé irú ẹ̀ á tún wáyé? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí n pín in. Mo tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, mo mú àárín àwọn méjì tó wà láàárín, 1,38 àti 1,52, ó fún mi ní 1,45. Àárín kì í jẹ́ kí fídíò kan ṣoṣo fa gbogbo ìṣirò lọ.

```
91 × 2 400 × 1,45 = 316 680
```

317 000 ni mo gbé wá síwájú Tàǹtí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àbúrò ẹ sọ 390, ìwọ sọ 317, inú fáìlì kan náà lẹ ti mú un. Èwo nínú yín ló ń parọ́?"

Mi ò rí nǹkan sọ lójú ẹsẹ̀, torí ìbéèrè yẹn dáa ju bí òun fúnra ẹ̀ ṣe rò lọ. 317 dáa ju 390 lọ, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n báwo ni 317 gan-an ṣe jẹ́ ohun tí èèyàn lè gbára lé? Tí mo bá kàn sọ pé "ó lè yàtọ̀ díẹ̀", mi ò tíì sọ nǹkan kan, torí díẹ̀ tèmi lè máà jẹ́ díẹ̀ ti Alájì. Mo ní láti wọn bí ìṣirò mi ṣe máa ń ṣì tó, mi ò sì lè fi bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é rọrùn, ó kàn gba sùúrù ni. Mo padà sẹ́yìn, mo díbọ́n pé ìparí Máàṣì 2023 ni mo wà. Mo bo gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn mọ́lẹ̀, mo fi ọ̀nà kan náà yìí sọ iye tí Épírì sí Júùnù 2023 máa jẹ́, lẹ́yìn náà mo ṣí i, mo fi ohun tí mo sọ pín ohun tí a rí gan-an. Mo sún síwájú ní oṣù mẹ́ta, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí dé Máàṣì 2025. Mi ò lo ti 2021 àti 2022, torí ìgbà yẹn a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ìdàgbà ń ya wèrè, kò lè kọ́ mi ní nǹkan kan nípa ìsìnyí. Èyí fún mi ní àyẹ̀wò mẹ́jọ.

Kò dùn ún wò. Èyí tó burú jù nísàlẹ̀, ohun tí a rí jẹ́ 0,75 ohun tí ìṣirò sọ, ìyẹn ni pé tí mo bá ṣèlérí ọgọ́rùn-ún, márùndínlọ́gọ́rin ló máa wọlé. Èyí tó ga jù lókè, 1,22. Nínú mẹ́jọ, márùn-ún bọ́ sísàlẹ̀ ohun tí mo sọ, mẹ́ta péré ló kọjá ẹ̀. Ìyẹn gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn gbọ́, torí ó túmọ̀ sí pé ìdàgbà wa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣirò tó ń fi àná wo ọ̀la á sì máa sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìkànnì kékeré bá ṣe ń tóbi, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ìlọ́po méjì rọrùn nígbà tí fíù wà ní 10 000, kò rọrùn mọ́ ní 200 000.

Mo wá fi 0,75 àti 1,22 lu 317 000. Ó fún mi ní 238 000 nísàlẹ̀ àti 387 000 lókè. Ẹ wo iye àbúrò mi, 390 000, ó kọjá òkè pátápátá. Kì í ṣe pé kò lè ṣẹlẹ̀ o, ṣùgbọ́n nínú ìgbà mẹ́jọ tí mo yẹ̀ wò, kò sígbà kan tí a já sókè tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ó ṣe dá mi lójú tó pé a máa bọ́ sáàárín 238 àti 387? Ẹ má sọ pé "ó dájú", ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nìyí. Tí ẹ bá to àṣìṣe mẹ́jọ láti kékeré sí ńlá, àyè mẹ́sàn-án ló wà tí ìkẹsàn-án lè bọ́ sí: ọ̀kan nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ọ̀kan lókè gbogbo wọn, méje láàárín. Tí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ bá jọ àwọn tó ti kọjá, méje nínú mẹ́sàn-án ni kó bọ́ sáàárín. Ìyẹn ni pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa jáde síta, kò sì kéré. Ẹni tó bá ní àyẹ̀wò mẹ́rin péré, mẹ́ta nínú márùn-ún lẹ̀tọ́ ẹ̀, kó má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé mọ́kàndínlógún nínú ogún. Ẹ tún fetí sí "tí ó bá jọ" yẹn dáadáa, torí òun ló padà wá bá wa jà.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ Alájì, ẹnu yà mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ló máa le fún un, ibẹ̀ gan-an ló ti yé e kíákíá. Ó ní, "Èṣí, mo ṣì ń ta ṣúgà ààwẹ̀ nínú Épírì. Lọ́dún yìí mo ti kó o tán." Ohun tí kò gbà ni àárín-méjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n gbà á ni. Láti 238 dé 387, ta ni kò lè sọ irú ẹ̀? Iye kan ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé."

Òótọ́ ló sọ pé iye kan ló ń wọnú ìwé. Ohun tó kù ni pé kí a bi ara wa pé kí ni a fẹ́ fi iye yẹn ṣe, torí kì í ṣe nǹkan kan náà ni gbogbo wa fẹ́ fi ṣe. Ìlérí tí a máa dá owó padà lé lórí, ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà, torí tí a bá jábọ́ lábẹ́ ẹ̀, àpò wa ló máa jò. Mo ní kó kọ 240 000. Iye tí Alájì fẹ́ fi mọ̀ bóyá owó tó ń ná yẹ, àárín ni kó lò, 317 000. Tí ó bá wá fẹ́ mọ ọjà tó yẹ kó kó sílẹ̀ kó má bàa tán lọ́wọ́ ẹ̀ tí àwọn èèyàn bá ń béèrè, kó wo òkè. Ó gbà. Kò dùn mọ́ Tàǹtí pé a kọ 240, lójú ẹ̀ ó dà bíi pé a tẹ́ ara wa, àbúrò mi náà ń kùn pé mo ti já owó Tàǹtí wálẹ̀.

Épírì dé. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni fíù ti ń gòkè. Nígbà tó máa fi di ìparí Júùnù, Studio ń fi 402 000 hàn. Ó kọjá 350 bọ́nọ́ọ̀sì, ó kọjá òkè mi, ó kọjá 390 pàápàá. Àbúrò mi ń jó kiri ilé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí i?" Mo rí i.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Tí àwọn tó ń wò wá bá pọ̀ tó báyẹn, ó yẹ kí wákàtí tí wọ́n fi ń wò wá pọ̀ pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fídíò pọ̀. Wákàtí ò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Mo pín fíù sí méjì, fídíò gígùn lọ́tọ̀, Ṣọ́ọ̀tì lọ́tọ̀. Ti fídíò gígùn ń rìn jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ. Ti Ṣọ́ọ̀tì fò sókè ní ọjọ́ kan ṣoṣo bí ẹni gun àkàbà, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn ni 31 Máàṣì 2025.

Ọjọ́ yẹn ni Yútúbù yí bó ṣe ń ka fíù Ṣọ́ọ̀tì padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wo Ṣọ́ọ̀tì ní láti wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó kà á. Láti ìgbà yẹn, tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n ti kà á, tó bá tún yí po, wọ́n tún kà á. Iye àtijọ́ kò parẹ́, wọ́n fún un ní orúkọ míì, `Engaged views`, ẹ máa rí i nínú `Advanced mode`. Yútúbù fúnra ẹ̀ sọ pé orí iye àtijọ́ yẹn ni owó tí òun ń san ṣì dá lé. Mo ṣí i. Fídíò gígùn 170 000, Ṣọ́ọ̀tì ní ìṣirò àtijọ́ 121 000, àpapọ̀ 291 000.

Ẹ rí i báyìí. Ní ìṣirò tí gbogbo àná wa fi wà nílẹ̀, 291 000 ni a rí. Ó wà láàárín 238 sí 387, ó dín sí 317 mi, bí àwọn márùn-ún inú àyẹ̀wò yẹn ṣe máa ń dín. Iye àbúrò mi jọ pé ó ṣẹ, ṣùgbọ́n nǹkan méjì tí kò bá ara wọn tan ló pàdé: ààwẹ̀ tó kà nígbà tí kò sí níbẹ̀, àti ọ̀nà ìkà tuntun tí kò sẹ́ni tó fi sínú ìṣirò. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí ju kí iye máà ṣẹ lọ. Tí iye bá ṣẹ, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. À bá ti lo ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di dandan kó já wa jù.

Ọ̀rọ̀ bọ́nọ́ọ̀sì wá délẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ni "fíù", kò sí ohun míì lẹ́yìn ẹ̀. Tàǹtí ní fíù ni Studio kọ síwájú, 402 ló sì kọ, kí ni mo tún ń wá? Mi ò bá a jà. Mo kàn ní, "Tàǹtí, Alájì ní ọmọ tó mọ Studio lò. Ẹ jẹ́ ká jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún un." Ó bínú sí mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn náà òun fúnra ẹ̀ ló gbé fóònù, ó pe Alájì, ó ṣàlàyé fún un. Alájì ò san bọ́nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ní ká tún ìwé míì kọ, pé kí a kọ irú fíù tí a ń sọ síbẹ̀. Bọ́nọ́ọ̀sì yẹn dun Tàǹtí o, mi ò ní purọ́ fún yín, ó ṣì máa ń dárúkọ ẹ̀.

Ìyípadà báyìí, kò sí àyẹ̀wò àná tó lè sọ ọ́ fún yín. Àṣìṣe mẹ́jọ mi, ọ̀nà ìkà kan náà ni gbogbo wọn fi wáyé, torí náà méje nínú mẹ́sàn-án yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí wọ́n máa yí ọ̀nà ìkà padà. Ohun tí èèyàn lè ṣe ò ju pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé orí kí ni ìṣirò òun dúró lé, kó lè hàn tí ohun náà bá yẹ̀. Mo sì máa ń ya fíù ojoojúmọ́ sórí àwòrán kan, fídíò gígùn lọ́tọ̀, Ṣọ́ọ̀tì lọ́tọ̀. Ìdàgbà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ayẹyẹ máa ń gòkè kó tún sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìlà bá fò sókè lọ́jọ́ kan tí kò sì padà, ọ̀nà ìkà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Disẹ́ńbà 2025, Alájì tún béèrè ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2026. Ọ̀tẹ̀ yìí ààwẹ̀ ò ní da nǹkan rú púpọ̀, torí nǹkan bí 18 Fẹ́búárì ni à ń retí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wà nínú oṣù mẹ́ta kan náà bíi ti 2025. Ìdàgbà mẹ́rin tó kẹ́yìn, 1,38, 1,52, 1,33 àti 1,29, àárín wọn jẹ́ nǹkan bí 1,355. Ó ń wù mí láti fọwọ́ fà á wálẹ̀ torí mo rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo yẹ̀ wò nìyí, tí mo bá yí i padà báyìí, àwọn àṣìṣe tí mo kó jọ ò ní jẹ́ ti ọ̀nà tuntun yẹn mọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo wá kọ ohun tí mo rò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àyẹ̀wò ti di mẹ́wàá, méjì tuntun yẹn ò sì jáde kúrò láàárín 0,75 àti 1,22, torí náà mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá ni, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Alájì nìyí:

"Alájì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti 1 Janúárì dé 31 Máàṣì 2026, à ń retí nǹkan bí 440 000 fíù. `Engaged views` ni mò ń sọ o, kì í ṣe iye ńlá tí Studio máa ń gbé síwájú. Ó lè sọ̀kalẹ̀ dé 330 000, ó lè gòkè dé 540 000, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá la máa bọ́ sáàárín méjèèjì. Èmi fúnra mi rò pé ìsàlẹ̀ 440 la máa wà ju òkè ẹ̀ lọ, torí ìdàgbà wa ń rọlẹ̀. 330 000 ni kí ẹ kọ sínú ìwé. Mo ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú pé Tàǹtí á máa gbé fídíò gígùn méjì jáde lọ́sẹ̀ bó ṣe ń ṣe. Tó bá dá a dúró, tàbí tí Yútúbù bá tún yí ọ̀nà ìkà padà, màá pè yín kí ẹ tó gbọ́ ọ níta, a ó sì tún un ṣírò."

Ó fèsì pẹ̀lú ohùn, ó ní òun ti gbọ́, kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ Tàǹtí bóyá ó ti gba páálí ọṣẹ tuntun.